Ó Ń Dàgbà, A Ti Já A: Gírámà Inú Sikọ́ọ̀ fún Akọrin Tuntun

Àǹtí kan tó ń gbé ní Sáńgótẹ̀dó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin wa ní Ájàh. Ìlà áátò ni wọ́n fi wọ́n sí. Wọ́n mọ sọ́fà dáadáa, etí wọn sì mú, ṣùgbọ́n sikọ́ọ̀ onílà márùn-ún ni ẹgbẹ́ wa ń lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a kọrin níwájú èrò, olùdarí wa sì ti sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kò bá lè tẹ̀ lé àmì inú sikọ́ọ̀ yóò jókòó lọ́jọ́ náà. Èmi ni wọ́n ní kí n mú àǹtí gba inú àwọn àmì ọ̀hún. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí rèé: “Àbúrò mi, bí mo bá dé ibi tí wọ́n kọ kirẹṣẹ́ńdò sí, ṣé kí n sáré ni, àbí kí n pariwo, àbí kí n gbóhùn sókè?”

Ìbéèrè náà dára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dárúkọ: eré, ariwo, àti ìró tó ga. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni kirẹṣẹ́ńdò ń sọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, àwa ni ó yẹ kí a tètè rí ìdí rẹ̀, nítorí gírámà ló wà níbẹ̀.

Èdè Ítálì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú sikọ́ọ̀ ti wá. Témpò jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àkókò. Ara ọ̀rọ̀ ìṣe ni a ti ṣẹ̀dá kirẹṣẹ́ńdò àti sitakátò, ìparí wọn ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìparí “ńdò” ń sọ pé nǹkan ń lọ lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí “ń” ṣe ń sọ ọ́ nínú “mo ń jẹun”. Kirẹṣẹ́ńdò túmọ̀ sí “ó ń dàgbà”. Ìparí “átò” ń sọ pé nǹkan ti rí bẹ́ẹ̀ ná. Sitakátò túmọ̀ sí “èyí tí a ti já sọ́tọ̀”. Ibá atẹ́rẹrẹ ni ti àkọ́kọ́, ibá aṣetán sì ni ti èkejì. Ẹni tó bá di èyí mú kò ní bi ìtumọ̀ dìmínúẹ́ńdò tàbí lẹgátò léèrè tán kó tó mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: ìkínní ń dín kù lọ, ìkejì ni èyí tí a ti so pọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa dúró lójú afẹ́fẹ́, mo ṣe gbólóhùn kékeré kan fún àǹtí: “Òjò ń bọ̀, ẹ káṣọ.” Sílébù méje ni. Mo fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní bíìtì kan, mo sì fi ìdákẹ́jẹ́ bíìtì kan sí ìparí, ó di bíìtì mẹ́jọ, ìyẹn báà méjì tó ní bíìtì mẹ́rin mẹ́rin. Mo fi dò sí ohùn ìsàlẹ̀, rè sí ohùn àárín, mí sí ohùn òkè, bí a ṣe ń kọ́ ọ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orin náà wá di: dò dò mí dò, rè mí rè, ìdákẹ́jẹ́.

Témpò ni a kọ́kọ́ gbé lé e. Òkè sikọ́ọ̀, níbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ ni, bí andánté, tó túmọ̀ sí “èyí tó ń rìn”. Nígbà mìíràn nọ́ńbà ni, tó ń sọ iye bíìtì tó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ mẹtironóòmù tí Mẹ́lísẹ̀lì gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Párísì ní ọdún 1815 ló jẹ́ kí nọ́ńbà yìí wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá kọ 60, bíìtì kan gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, gbólóhùn wa á sì gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Bí wọ́n bá kọ 120, mẹ́rin ni. Àǹtí fi mẹtironóòmù orí fóònù wọn sí 60, a sì kọ ọ́ títí tí ẹsẹ̀ wọn fi ń gbá bíìtì láìwo fóònù mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo fi àmì kirẹṣẹ́ńdò sí abẹ́ báà méjèèjì: ìlà méjì tó pàdé lápá òsì, tí wọ́n sì ń yà síra bí wọ́n ṣe ń lọ sí apá ọ̀tún. Lápá òsì mo kọ lẹ́tà p, tó dúró fún piánò, ìyẹn jẹ́ẹ́jẹ́. Lápá ọ̀tún mo kọ f, tó dúró fún fọ́tè, ìyẹn kíkankíkan. Bí àǹtí ṣe rí àmì náà, wọ́n lù ú láti “Òjò” àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ akọrin tuntun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n “ó ń dàgbà” ni ọ̀rọ̀ náà sọ, kò sọ pé “ó ti dàgbà”. Ibi tí àmì ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ohùn ti kéré jù. A pín in báyìí: “Òjò” wà ní p, “ń bọ̀” lé díẹ̀ sí i, “ẹ” wọ àárín, ìgbà tí a bá dé “ṣọ” nìkan ni f tó pé. Ẹni tó bá ti náwó rẹ̀ tán ní báà kìíní kò ní rí nǹkan ná ní báà kejì.

Wàhálà kejì ni pé bí ohùn wọn ṣe ń le, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sáré. Mo ní: “Àǹtí, ẹ rántí awakọ̀ dáńfó tó há sínú gò-sílò ní Jákáńdè, tó ń tẹ họ́ọ̀nù kíkankíkan. Ǹjẹ́ mọ́tò rẹ̀ yára sí i?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kirẹṣẹ́ńdò kò fọwọ́ kan témpò rárá. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: bí gbólóhùn náà bá parí kí mẹtironóòmù tó ka mẹ́jọ, a ti sáré.

Wàhálà kẹta ló kan èdè wa jù lọ. Nínú Yorùbá, “gbóhùn sókè” lè túmọ̀ sí kí a sọ̀rọ̀ kí ẹni tó jìnnà gbọ́. “Ohùn òkè” sì ni orúkọ tí a ń pe ohùn tó ga nínú dò-rè-mí. Ọ̀rọ̀ kan náà, “òkè”, ló ń ṣiṣẹ́ fún agbára ìró àti fún gíga ìró. Nígbà tí olùdarí bá wá ń kígbe pé “ẹ gbóhùn sókè” níbi kirẹṣẹ́ńdò, akọrin tuntun lè gbé ìró gan-an kúrò ní ipò rẹ̀. Ara náà tún ń tì í síbẹ̀: bí èémí láti inú ẹ̀dọ̀fóró bá ti lágbára sí i, tán-án-ná máa ń fẹ́ gbọ̀n yára sí i, ìró á sì máa yọ́ gòkè bí akọrin kò bá ṣọ́ ọ. Bí ohùn bá ń dín kù lọ nínú dìmínúẹ́ńdò, ìró a máa fẹ́ já wálẹ̀.

Wo ohun tí èyí ṣe sí gbólóhùn wa. “Ṣọ” wà ní rè. Nígbà tí àǹtí gbé e dé mí nítorí kirẹṣẹ́ńdò, ohun tí mo gbọ́ ni “ká ṣọ́”. A ní kí wọ́n káṣọ kúrò lórí okùn, a wá ń ní kí á jọ máa ṣọ́ òjò. T. K. E. Phílípì, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Káráìsì ní Mààrínà, Èkó, láti ọdún 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Ọ̀rọ̀ bí ìró orin ṣe gbọ́dọ̀ bá ohùn èdè mu wà lára ohun tó jẹ ẹ́ lógún. Ojúṣe olórin ni láti kọ ìró tó bá ọ̀rọ̀ mu, ti akọrin sì ni láti má ṣe bà á jẹ́ pẹ̀lú ariwo. Bí a ṣe mọ̀ pé a ti gòkè ni pé kí a kọ ọ́ títí dé “ṣọ”, kí á dì í mú, kí ẹlòmíràn sì tẹ rè lórí dùùrù. Bí ìró méjèèjì bá ń ja ara wọn, a ti kúrò nípò. Látìgbà náà, “ẹ fi kún un” ni mo ń sọ fún àǹtí. N kì í sọ pé “ẹ gbé e sókè” mọ́.

Ó wá ku sitakátò. Àmì tóótó kan ni, lórí nóòtì tàbí lábẹ́ rẹ̀. Ìṣòro ẹni tó ti inú sọ́fà wá ni pé ó ti mọ tóótó tẹ́lẹ̀: nínú sọ́fà, tóótó láàárín lẹ́tà méjì ń pín bíìtì sí ìdajì méjì. Nínú sikọ́ọ̀ onílà márùn-ún, tóótó tó wà lápá ọ̀tún nóòtì ń fi ìdajì kún gígùn rẹ̀, nóòtì oníbíìtì kan á di bíìtì kan àtààbọ̀. Tóótó orí nóòtì tàbí abẹ́ rẹ̀ nìkan ni sitakátò. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí tóótó wà.

Sitakátò kò mú nóòtì tó tẹ̀ lé e wá kíákíá. Ní témpò 60, a lè kọ “Ò” fún bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ká sì dákẹ́ fún ìdajì tó kù, kí “jò” tó wọlé ní àkókò rẹ̀ gan-an. Gbólóhùn náà ṣì gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Kò sì ní kí a le mọ́ ọn: bí p bá wà níbẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ ni a ó já a.

Sílébù Yorùbá kì í ní kọ́ńsónáǹtì lẹ́yìn tí yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ fáwẹ́lì, nítorí náà èémí ni a ó fi já a. Àǹtí kọ́kọ́ ń pa ẹnu dé kíákíá láti dá ìró dúró, “ò” sì ń dún bí “òm”. Ẹ jẹ́ kí ẹnu wà bó ṣe wà, kí ẹ dá èémí dúró. Aránmúpè aṣesílébù nìkan ló yàtọ̀. “Ń” inú “ń bọ̀” máa ń dún bí “ḿ” nítorí “b” tó tẹ̀ lé e. Ètè ti pàdé tẹ́lẹ̀. Ẹ dá ohùn dúró, ẹ má ṣí ètè, ẹ ka ìdajì tó kù, kí ẹ tó tú “bọ̀” sílẹ̀. Bí ètè bá ṣí ní àárín, fáwẹ́lì kékeré kan á yọjú, ẹ ó sì gbọ́ “mu bọ̀”.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní 60: gbọọrọ, pẹ̀lú kirẹṣẹ́ńdò nìkan, pẹ̀lú sitakátò nìkan, lẹ́yìn náà pẹ̀lú méjèèjì. Bí ẹ bá lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ nígbà gbogbo, tí rè ìparí sì bá dùùrù mu, tí ẹni tó ń gbọ́ yín sì dìde láti lọ káṣọ, ẹ ti gbà á.