Àwòrán Ààlà: Ìpààrọ̀ Ìbora Ògiri Nínú Fọ́tò Ilé

Bí onílé bá ń rò ó láti fi bíríkì pupa bo ògiri iwájú ilé rẹ̀ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, kọ̀ǹpútà lè fi bí yóò ti rí hàn án nínú fọ́tò ilé náà gan-an. Àtúnyà inú-ààlà ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ yìí mu: ẹ̀rọ yóò ya ògiri ní tuntun, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan fèrèsé, ilẹ̀kùn àti òrùlé.

Àwòrán kejì, tí ó jẹ́ funfun àti dúdú nìkan, ni ó ń pa ààlà náà. Nínú ètò diffusers, `mask_image` ni wọ́n ń pè é. Olùtumọ̀ tí ó bá pè é ní ‘ìbòjú’ yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí ohun tí a bá bò ni ènìyàn máa ń rò pé ó wà lábẹ́ ààbò. Bẹ́ẹ̀ apá funfun gan-an ni ẹ̀rọ yóò yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kun fèrèsé ní funfun, fèrèsé ni yóò sì sọnù. Àpẹẹrẹ tí ó yé ni jù ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ: ibi tí ẹ̀kọ làfún bá wà lára aṣọ, aró kì í wọ ibẹ̀. Apá dúdú ni làfún. Apá funfun ni aṣọ tí ó ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, ‘àwòrán ààlà’ sàn jù, pẹ̀lú ‘ojú àyípadà’ fún funfun àti ‘ojú ààbò’ fún dúdú.

Ṣùgbọ́n aró a máa jò wọ abẹ́ làfún nígbà mìíràn. Stable Diffusion, tí ó jáde ní 2022, kì í ṣiṣẹ́ lórí fọ́tò bí ó ti wà. Ó kọ́kọ́ ń sún un kì: ẹyọ-àwọ̀ 8 ní ìbú àti 8 ní òòró a di yàrá kan ṣoṣo. Fọ́tò tí ó jẹ́ 1024 ní ìbú àti 768 ní òòró a di yàrá 128 sí 96. Irin fèrèsé tí ó fẹ̀ tó ẹyọ-àwọ̀ 4 kò lè kún yàrá kan. Òun àti ògiri a jọ há síbẹ̀, irin a sì wọ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n gé apá ibẹ̀, kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 4 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Irin náà yóò wá fẹ̀ tó 16, ìyẹn yàrá 2.

Ìtúsílẹ̀ lẹ́yìn ìsúnkì pàápàá a máa yí ojú ààbò padà díẹ̀. Wọ́n ní láti fi ojú ààbò ti fọ́tò àtijọ́ lé tuntun lórí, kí wọ́n sì yọ fọ́tò kan kúrò nínú èkejì. Bí àbájáde kò bá dúdú kirikiri níbẹ̀, nǹkan ti yẹ̀.

Òjìji etí òrùlé ni ó ṣòro jù, nítorí inú ojú àyípadà ni ó wà. Bí `strength` bá jẹ́ 1, ẹ̀rọ yóò gbàgbé rẹ̀, bíríkì yóò sì dà bí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ó bá kéré jù, ògiri sìmẹ́ǹtì ni yóò ṣì hàn. Bí ògiri àtijọ́ bá jẹ́ aláwọ̀ kan, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òjìji nìkan, wọ́n sì lè fi í sọ bíríkì dúdú ní ibi tí ó yẹ. Ògiri alábàwọ́n tàbí ọlọ́nà kò gba irú ọgbọ́n yìí, nítorí ọnà rẹ̀ yóò tẹ̀lé òjìji wọnú bíríkì.