Iná Jó Ṣọ́ọ̀bù: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Ṣírò Èrè Tó Sọnù?

Inṣọ́ránsì iná ń san owó ọjà tó jó. Èrè tí a kò rí jẹ kí ṣọ́ọ̀bù tó dúró padà, inṣọ́ránsì tirẹ̀ ló ń san án. Ti iná sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká wo aláṣọ kan. Ó ń tajà ₦2,000,000 lóṣù, ó ń fi ₦1,500,000 ra ọjà náà. ₦500,000 ló kù kó tó san owó ṣọ́ọ̀bù àti ti ọmọ iṣẹ́. Èrè náírà 25 nìyẹn nínú 100.

Lẹ́yìn iná, ó pàtẹ síbòmíràn, ó ń ta ₦800,000. Ọjà ₦1,200,000 ni kò rí tà. Wọn ò ní san gbogbo rẹ̀ o, torí kò náwó ra ọjà yẹn. Èrè inú rẹ̀ ni wọ́n á san, ₦300,000. Wọ́n á fi ₦60,000 owó àtẹ tuntun kún un, wọ́n á yọ ₦20,000 owó ọlọ́dẹ tí kò san mọ́. Ó di ₦340,000 lóṣù, títí ọjà rẹ̀ yóò fi padà sípò, àmọ́ kò ní kọjá iye oṣù tí ìwé rẹ̀ kọ.

Ìwé títà àti ríra ni ẹ̀rí wa. Ẹ má jẹ́ kó sun ṣọ́ọ̀bù, kí iná má baà jó òun náà. Ẹ máa gbé e relé.