Ṣé Irọ́ Ni Gbogbo Ohun Tí Kò Rí Bẹ́ẹ̀?



Sókírátísì, ọlọ́gbọ́n ará Áténì tí wọ́n pa ní ọdún 399 kí a tó bí Olúwa wa, kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Plétò, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ni ó kọ ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Yóò ní kí ènìyàn sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ń lò. Lẹ́yìn náà yóò gbé ọ̀ràn kan kalẹ̀ tí ìtumọ̀ náà kò lè gbà, kí onítọ̀hún lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà yìí wo ọ̀ràn tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní Yemẹtu níhìn-ín.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tọ Fádà wá pẹ̀lú ìbínú. Ó ní òpùrọ́ ni akápò ẹgbẹ́ àwọn, kí a yọ ọ́ kúrò. Akápò sọ pé ₦42,000 ni ó wà nínú àpótí. Nígbà tí a kà á, ₦40,000 ni a bá níbẹ̀.

“Kí ni irọ́, ọmọ mi?”

“Ohun tí a sọ, tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni, Fádà.”

“Ìyá àgbà kan ní Ọjà'ba sọ fún àlejò pé ọkọ̀ kan ṣì wà ní ibùdókọ̀, nítorí ó rí i nígbà tí ó ń kọjá. Kò mọ̀ pé ó ti lọ. Ṣé òpùrọ́ ni ìyá náà?”

“Rárá, Fádà. Àṣìsọ ni.”

“Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ kò rí bẹ́ẹ̀.”

Ọmọ náà ronú. “Nígbà náà, irọ́ ni kí ènìyàn sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀.”

“Ẹni tí ó ń pa àlọ́ sọ pé Ìjàpá bá Ajá sọ̀rọ̀. Kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣé òun ni òpùrọ́?”

“Rárá o. Àwọn tí ń gbọ́ mọ̀ pé àlọ́ ni. Kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ.”

“Fi èyí náà kún un.”

“Ẹni tí ó ń purọ́ ni ẹni tí ó sọ ohun tí kò gbà gbọ́, kí ó lè fi tan ẹlòmíràn jẹ.”

“Wò ó bóyá yóò dúró. Ọmọ kan rò pé bàbá òun wà nínú ilé, ó sì sọ fún ẹni tí ó wá sin owó pé kò sí nílé. Kò mọ̀ pé bàbá ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó ha purọ́ bí?”

“Ó purọ́, Fádà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá kò sí nílé lóòótọ́. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni a ó wò.”

“Kí ni ó wà lọ́kàn akápò yín?”

“N kò mọ̀.”

“Kí ni yóò fi hàn ọ́?”

“Bí ó bá yí ìwé padà, tàbí tí kò fẹ́ kí a ka owó náà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó pè wá pé kí a wá kà á. ₦2,000 tí a fi ra àbẹ́là ni kò tíì yọ nínú ìwé.”

“Nítorí náà?”

“Iye tí ó pè kò tọ́, ó sì ṣe àìṣọ́ra. N kò lè pè é ní òpùrọ́. Kí ènìyàn méjì máa ka owó pọ̀ láti ìsinsìnyí lọ.”

“Ṣé gbogbo òpùrọ́ kò ní máa sọ pé àwọn ṣèèṣì ni?”

“Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀, Fádà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ tanni jẹ yóò fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá rí i pé ó fi nǹkan pamọ́, èmi náà yóò sọ pé ó purọ́.”

Ẹ kíyè sí ibi tí èrò àkọ́kọ́ ti wá. Àwa Yorùbá a máa sọ pé “Irọ́ ni!” sí ohun tí a ṣì sọ, àti sí ohun tí a fi tanni jẹ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà ni “irọ́ ni” ń dá lẹ́jọ́. Ènìyàn ni “ó purọ́” ń dá lẹ́jọ́. Ọmọ náà ti fi ẹ̀rí ti èkíní dá ẹjọ́ èkejì. Agustínì Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Hípò ní àríwá Áfíríkà, ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé kan tí ó kọ lórí irọ́ pípa ní nǹkan bí ọdún 395: ẹni tí ó gbà pé òtítọ́ ni òun ń sọ kò purọ́, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kùnà.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ewu kan wà nínú ọ̀nà yìí. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa lè máa wí pé “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” sí gbogbo ìbéèrè nítorí ọ̀wọ̀, kí ọkàn rẹ̀ má sì kúrò ní ibi tí ó wà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yé e, ẹ ní kí ó mú àpẹẹrẹ tirẹ̀ wá, tàbí kí ẹ takò ó níbi tí ó parí èrò rẹ̀ sí. Ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ yín láti fi bọ̀wọ̀ fún yín nìkan yóò tún yí padà; ẹni tí ó fúnra rẹ̀ rí i yóò dúró, yóò sì sọ ìdí rẹ̀.