Ìwé Ìbéèrè Owó fún Oníbàárà Tó Jẹ Gbèsè

Òǹkàwé kan tó ń rán kọ́tìnnì ní Ṣángótẹ̀dó, lọ́nà Ajah, kọ lẹ́tà pé oníbàárà kan ní Fééṣì Kìíní Lẹkki ṣì jẹ òun ní ₦280,000 nínú ₦480,000 iṣẹ́ tí òun ti parí, àti pé èsì kan ṣoṣo tí òun ń rí gbà lórí Wọ́ọ̀sáàpù ni «ẹ ṣe sùúrù». Ó fi ẹ̀dà àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn kún lẹ́tà náà:

«Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí owó kékeré tó kù yẹn, nǹkan le díẹ̀ fún wa níbí.»

Ìkíni inú rẹ̀ dára, kò sì yẹ kí a yọ ọ́ kúrò. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá kà á kò lè mọ iye owó náà, iṣẹ́ tí owó náà wà fún, tàbí ọjọ́ tó yẹ kí a san án, àti pé ìnira ẹni tó ń béèrè ni a fi ṣe ìdí ìbéèrè, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí oníbàárà ti gbà sílé ni ìdí náà gan-an. Ẹni tí a bá fi ìnira bẹ̀ lè dáhùn pé nǹkan le fún òun náà. A lè tún un kọ báyìí:

«Ẹ káàárọ̀ mà. Iṣẹ́ kọ́tìnnì yàrá mẹ́ta tí a parí sílé yín ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2025 jẹ́ ₦480,000. Ẹ ti san ₦200,000. Ó ku ₦280,000, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ínfọ́ìsì 047, tó yẹ kí ẹ ti san ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san án sínú àkáǹtì tó wà lórí ínfọ́ìsì náà, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin. Bí ohunkóhun nínú iṣẹ́ náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé.»

Ínfọ́ìsì ni ìwé tó sọ iṣẹ́ tí a ṣe, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí a ó san án. Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ, nítorí oníbàárà tí a fún láàyè láti ráhùn, tó sì dákẹ́, yóò ṣòro fún un láti wá sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé kọ́tìnnì náà kúrú.

Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí owó, ìwé títẹ̀ ló kàn. Láti ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké lábẹ́ àwọn májísíréètì, fún owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, kóòtù náà sì ń béèrè pé kí olùpẹ̀jọ́ ti kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè owó, ìyẹn fọ́ọ̀mù SCA 1, jíṣẹ́ fún ẹni tó jẹ gbèsè. Orúkọ oníbàárà ní kíkún àti àdírẹ́sì rẹ̀ ni a nílò níbẹ̀, èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ oníṣòwò agbègbè yìí dúró, nítorí «Màmá Lẹkki» lásán ni wọ́n fi pamọ́ sínú fóònù. Kí ẹni tó bá gba ìwé náà buwọ́ lu ẹ̀dà kan, kó sì kọ ọjọ́ sí i.

Gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ni kóòtù yìí ń gbọ́. Nítorí náà, ₦280,000 ni kí ìwé náà béèrè, láìfi èlé tí kò sí nínú àdéhùn kún un, nítorí àfikún bẹ́ẹ̀ ń fún oníbàárà ní ohun tí yóò jiyàn lé lórí. Kò sì gbọdọ̀ fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọn: Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Gbólóhùn kan tó péye tó: «Bí owó yìí kò bá wọlé láàárín ọjọ́ 14, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù láìtún kọ ìwé mìíràn.» Ẹni tó bá kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ṣetán láti lọ lóòótọ́, nítorí ìhàlẹ̀ tí kò ṣẹ lẹ́ẹ̀kan ń sọ gbogbo ìwé tó bá tẹ̀lé e di yẹpẹrẹ.

Ó ṣeé ṣe kí oníbàárà dáhùn pé òun yóò san ₦100,000 ní ìparí oṣù. «Ó dáa mà» nìkan kò tó èsì. Kí òǹkàwé kọ iye àti ọjọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan padà sí i, kó sì bẹ̀ ẹ́ kó fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́fà ni òfin fi sílẹ̀ fún pípe ẹjọ́ gbèsè àdéhùn lásán, ìwé tí ajigbèsè bá sì buwọ́ lù pé òun jẹ owó náà ń mú kí kíkà ọdún náà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.