Ìtò Bọ́tìnnì Tí Ó Yí Padà: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Dàrú Lójú Kọ̀ǹpútà àti Bí A Ṣe Ń Tú U

Ohun tí bọ́tìnnì ń sọ fún kọ̀ǹpútà

Nígbà tí tàípíìsì, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, bá tẹ bọ́tìnnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe lẹ́tà ni bọ́tìnnì náà ń fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ, bí kò ṣe nọ́ńbà tí ń tọ́ka sí ipò tí ó wà. Kọ̀ǹpútà ni yóò wá wo àtẹ kan tí ó wà nínú rẹ̀ láti mọ lẹ́tà tí ó bá ipò náà mu, àtẹ yìí ni orí ìwé yìí sì ń pè ní ìtò bọ́tìnnì. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sórí bọ́tìnnì wà fún ojú ènìyàn nìkan; kọ̀ǹpútà kò rí i rárá. Bí àtẹ inú ẹ̀rọ bá wá jẹ́ ti èdè mìíràn, ìka lè má ṣìnà, kí ọ̀rọ̀ sì dàrú síbẹ̀.

Ìtò tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ni QWERTY, tí orúkọ rẹ̀ jáde láti ara lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ó wà ní ìlà òkè, tí ó sì ṣẹ̀ wá láti ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, èyí tí ó dé ọjà ní Amẹ́ríkà ní 1874. Ìtò tí àwọn Faransé ń lò ni AZERTY, òun náà sì ni ó gbilẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, nítorí pé abẹ́ ìjọba Faransé ni àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì wà títí di 1960. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọmọ Yorùbá kan ní Kétu tàbí Pọ́tónóófò àti ọmọ Yorùbá mìíràn ní Bárígà lè máa sọ èdè kan náà lẹ́nu, kí ìka wọn má sì gba ọ̀nà kan náà lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ibi tí àṣìṣe náà ti ń wọlé

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni a fi ń mọ Ṣómólú jákèjádò Èkó, láti orí ìwé ìpè ìgbéyàwó dé orí kàlẹ́ńdà àti ìwé ìrántí òkú, tàípíìsì ni ó sì kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ oníbàárà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá lè ṣì ní ìtò AZERTY nínú, kódà lẹ́yìn tí olùtà bá ti lẹ lẹ́tà tuntun mọ́ orí bọ́tìnnì rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ Windows tí ó ní ìtò méjì, bí ìka bá ṣèèṣì tẹ Alt àti Shift apá òsì pọ̀, ìtò lè yí padà láìpariwo. Àmì kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ yóò fi hàn ni pé lẹ́tà ENG tí ó wà ní ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà yóò di FRA, ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ìwé oníbàárà kò sì ní tètè rí i.

Ohun tí ó yí padà àti ohun tí kò yí padà

Nínú lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ó wà lórí kíbọ́ọ̀dù, márùn-ún péré ni ipò wọn yàtọ̀ láàárín QWERTY àti AZERTY. Lẹ́tà a àti q gba ipò ara wọn, w àti z náà ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́tà m sì kúrò ní ìlà ìsàlẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ l. Nítorí náà, ẹni tí ìka rẹ̀ mọ QWERTY, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti bọ́ sórí AZERTY, yóò rí kọ́mà níbi tí ó ti fẹ́ m, yóò rí ";" níbi tí ó ti fẹ́ kọ́mà, yóò sì rí ":" níbi tí ó ti fẹ́ àmì ìdánudúró. Bí ó bá fẹ́ M ńlá, àmì ìbéèrè ni yóò jáde, tí Mushin yóò fi di "?ushin".

Àwọn nọ́ńbà ni ó ń dàrú jù, nítorí pé lórí AZERTY, ẹni tí ó bá fẹ́ nọ́ńbà gbọ́dọ̀ di Shift mú. Bí kò bá dì í mú, àwọn àmì ìlà kejì yìí ni yóò rí dípò nọ́ńbà ìlà kìn-ín-ní:

```
1  2  3  4  5  6  7  8  9  0
&  é  "  '  (  -  è  _  ç  à
```

Bí èdè Yorùbá ṣe ń tú àṣírí ara rẹ̀

Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní, c, q, v, x àti z kò sì sí nínú wọn. Èyí mú kí ó rọrùn láti mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ìtò AZERTY ti dà rú, nítorí pé a àti w, tí Yorùbá ń lò nígbà gbogbo, yóò pòórá pátápátá, q àti z tí Yorùbá kì í lò yóò sì kún ojú ìwé. Bí z bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí q kankan, tí "iya" di "iza", a jẹ́ pé ìtò Jẹ́mánì, tí ń fi z sí ipò y, ni ó wọ inú ẹ̀rọ náà.

Ó yẹ kí a ya àìsàn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn tí ó jọ ọ́. Bí a àti w bá wà ní ipò wọn, ṣùgbọ́n tí ẹ di "áº¹", tí ṣ sì di "á¹£", kíbọ́ọ̀dù kò lẹ́bi níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó ṣí ìwé náà ni ó ń ka nọ́ńbà tí wọ́n fi tọ́jú lẹ́tà lọ́nà tí kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ ọ́, àtẹ òkè yìí kò sì lè wo irú rẹ̀ sàn.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ká sọ pé tàípíìsì kan ń tẹ iṣẹ́ tí oníbàárà gbé wá, tí ó kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, tí ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sì jẹ́ èyí:

```
e bq ,i te ize ipe nqq ni edq (àà ko to di ojo &'
```

Q mẹ́rin àti z kan wà nínú rẹ̀, kò sì sí a tàbí w kankan, nítorí náà AZERTY ni ẹ̀rọ ń lò. Bí a bá fi a rọ́pò q, "bq" di "ba", "nqq" di "naa", "edq" sì di "eda". Bí a bá fi w rọ́pò z, "ize" di "iwe". Kọ́mà tí ó lẹ̀ mọ́ i kò lè jẹ́ kọ́mà tòótọ́, nítorí pé kọ́mà kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí náà "mi" ni. Àtẹ nọ́ńbà fi hàn pé "(àà" jẹ́ 500, "&'" sì jẹ́ 14. Gbogbo rẹ̀ wá di:

```
e ba mi te iwe ipe naa ni eda 500 ko to di ojo 14
```

Àṣìṣe náà tún lè gba ọ̀nà kejì wá, bí ẹni tí ó kọ́ títẹ̀wé ní Kútọnú bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Bárígà. Q àti z yóò ṣì gba ipò a àti w, ṣùgbọ́n ";" ni yóò dúró fún m, tí "somolu" yóò fi di "so;olu", àti pé nítorí tí ó ti mọ́ onítọ̀hún lára láti di Shift mú fún nọ́ńbà, 500 rẹ̀ yóò di "%))". Nítorí náà, àmì tí ó dúró fún m ni kí a kọ́kọ́ wò: bí ó bá jẹ́ kọ́mà, ẹ̀rọ ni ó wà lórí Faransé; bí ó bá jẹ́ ";", ìka ni ó wà lórí Faransé.

Ọ̀fìn tí ó wà nínú àtúnṣe

Bí ọ̀rọ̀ tí ó dàrú bá gùn, tàípíìsì lè lo Ctrl+H nínú Microsoft Word, èyí tí ń wá lẹ́tà kan kiri tí ó sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn ìrọ́pò náà gbà tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì. Bí ó bá kọ́kọ́ sọ ";" di kọ́mà, tí ó sì wá sọ kọ́mà di m, gbogbo kọ́mà tòótọ́ yóò di m pẹ̀lú; kọ́mà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di m kí ";" tó di kọ́mà.

Orúkọ àwọn ènìyàn tún léwu ju èyí lọ, nítorí pé orúkọ tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá lè ní q àti z gan-an. Abdulrazaq, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kékeré, yóò di "qbdulrqwqa", bí a bá sì kàn sọ gbogbo q di a, a kò ní mọ a tí ó yẹ kí ó padà di q mọ́. Ojútùú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ sọ a di àmì tí kò sí nínú ìwé náà, bíi #, kí a sọ q di a, kí a sì wá sọ # di q, kí a sì ṣe w àti z bákan náà:

```
qbdulrqwqa
qbdulrqwq#
abdulrawa#
abdulrawaq
abdulrazaq
```

Ibi tí ó dàrú nìkan ni kí a sì yàn kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtò lè yí padà láàárín iṣẹ́, bí a bá sì tún apá tí ó tọ̀nà ṣe, òun náà yóò dàrú. Ibi tí a tàbí w tí ó tọ̀nà ti dé òpin ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìwọlé, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù, tí kì í hàn ju àmì kóróbótó lọ, kò sí ohun tí a lè tú. Bí ẹ̀rọ bá ń kọ̀ ọ́ léraléra, kí oníṣẹ́ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà bóyá FRA ni ó wà níbẹ̀, kí ó tẹ bọ́tìnnì Windows àti Space pọ̀ láti dá ENG padà, kí ó tó gbà pé òun ti gbàgbé rẹ̀.

Ìdánrawò

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ bo ìlà kejì, kí ó tú ìlà kìn-ín-ní, kí ó sì ṣí i wò:

```
qzon iyqzo yoo de ni qqgo &à
awon iyawo yoo de ni aago 10
```

Bí lẹ́tà bá ṣẹ́ kù tí kò tọ́, ìtumọ̀ gbólóhùn yóò tú u fó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò ní ìtumọ̀ tí ó lè tú u fó. Ẹni tí ó bá tú ọ̀rọ̀ tán gbọ́dọ̀ fi ọjọ́, aago, iye owó àti nọ́ńbà fóònù wé ìwé oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ náà tó lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.