Ìmọ̀ràn fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹrù yàrá sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá sáyẹ́ǹsì lé lọ́wọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama Àbújá, láti Karu dé Kubwa títí lọ dé Gwagwalada, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ rẹ́jísítà ẹrù. Kíkà nìkan kò nira. Kọ́lọ́ọ̀mù méjì tí ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá ni iṣẹ́ wà: ipò tí nǹkan wà, àti ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí.

1. Orí ṣẹ́ẹ̀fù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ìwé ọdún tó kọjá. Kí ẹni kan máa gbé nǹkan, kó máa pè é, kí ẹnì kejì máa kọ ọ́. Tí ẹ bá parí, ẹ wá ṣí ìwé àtijọ́, kí ẹ máa wá ohun tó wà níbẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀fù. Ìrìn àkọ́kọ́ yóò fi ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí hàn yín. Ìkejì yóò fi ohun tó ti sọnù hàn. Ẹni tó bá rin ẹyọ kan ṣoṣo yóò pàdánù ìdajì òtítọ́. Ẹ̀dà ìwé àtijọ́ tí wọ́n kàn yí ọdún rẹ̀ padà pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

2. Ẹ má kọ “ó dára” sí abẹ́ ipò. Ta ló wò ó, kí ló sì wò? Ẹ kọ ohun tí ojú rí tàbí ohun tí ẹ dán wò. Ẹ bu omi sí bùrẹ́ẹ̀tì títí dé òdo, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá sọ̀kalẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ń jò: ẹ kọ “ó ń jò, ẹ tún un ṣe”. Bí etí òkè rẹ̀ bá kán díẹ̀, ó ṣì wúlò. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ìsàlẹ̀ tí ẹ̀kán omi ń gbà jáde bá kán, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan yóò tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ọmọ kò sì ní lè dúró síbi tí àwọ̀ ti yí. Ìyẹn ti kúrò lára ohun ìdánwò. Bùrẹ́ẹ̀tì méjèèjì kán, àmọ́ ipò wọn kò jọra.

3. Kẹ́míkà ni ipò rẹ̀ ń tan ènìyàn jù, torí ìgò lè kún, kí ohun inú rẹ̀ sì ti di nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹyọ kan yẹ̀ wò dáadáa.

Sódíọ̀mù kábónéètì oníkírísítà, Na₂CO₃·10H₂O, ní omi nínú ara rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Àbújá, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ó ń fa omi náà jáde bí ọmọrí ìgò kò bá dí. Kírísítà tó ń dán bíi gíláàsì yóò di lẹ́búlẹ́bú funfun bí èlùbọ́. Tó bá pẹ́, omi mẹ́wàá lè ku ẹyọ kan: Na₂CO₃·H₂O.

Ẹ wo ohun tó ń ti ibẹ̀ wá. Olùkọ́ fẹ́ po lítà kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.05 mol/dm³. Ó wo àkọlé ìgò, ó wọn gíráàmù 14.3, torí ìwọ̀n móòlù kan kírísítà náà jẹ́ 286. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìgò ti di oní-124. Gíráàmù 14.3 yẹn fún un ní bíi 0.115, ó ju ìlọ́po méjì ohun tó fẹ́ lọ. Bí ọmọ bá fi pìpẹ́ẹ̀tì bu mílílítà 25, tó sì ń kán ásíìdì háídírókílóríìkì 0.1 sí i, mílílítà 25 ásíìdì ló yẹ kó yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Nísinsìnyí, yóò gbà tó 58. Mílílítà 50 ni bùrẹ́ẹ̀tì gbà! Ọmọ yóò da gbogbo rẹ̀ tán, àwọ̀ kò ní yí, yóò sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Gbogbo èyí ni ìlà kan nínú rẹ́jísítà ìbá ti dènà. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí: “Ìgò gíráàmù 500, ó ku 310, ojú rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú funfun, ẹ má fi àkọlé rẹ̀ wọ̀n ọ́n.” Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ dà á nù. Ẹ yan án nínú àwo tánganran lórí iná, ẹ jẹ́ kó tutù níbi tí kò ti ní fa ọ̀rinrin, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún yan án, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yẹ̀ mọ́. Omi ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Gíráàmù 5.3 rẹ̀ ni yóò fún yín ní 0.05 nínú lítà kan.

Àwọn mìíràn ní àmì tiwọn. Áyọ́ọ̀nù súlféètì tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé tútù, tó bá ti ń pọ́n bí ìpẹtà, ẹ má fún ọmọ ìdánwò. Òjò ni ọ̀tá sódíọ̀mù háídírọ́ksáídì ní tirẹ̀: hóró rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ kán ásíìdì sí i. Bó bá hó, afẹ́fẹ́ ti sọ apá kan rẹ̀ di kábónéètì.

4. Ní ti ibi ìtọ́jú, ẹ má to kẹ́míkà ní ìlànà A, B, D. Ó rọrùn láti wá, ṣùgbọ́n ó ń kó ọ̀tá pọ̀ sójú kan. Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀fù tí èérú funfun bo ìgò rẹ̀: ó ṣeé ṣe kí amóníà àti ásíìdì háídírókílóríìkì jọ wà níbẹ̀, tí èéfín wọn ń pàdé lókè. Èérú yẹn ni amóníọ̀mù kíloráìdì. Ìyẹn kò tí ì burú tó pọtáṣíọ̀mù pámánganéètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílísírìn, torí méjèèjì lè gbiná bí wọ́n bá dà pọ̀, láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ásíìdì nítíríìkì kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ sípírítì rárá. Ásíìdì líle máa ń gbé ìsàlẹ̀, nínú àwo oníke, níbi tí kò ti ní já lé ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ fi nọ́ńbà sí kọ́bọ́ọ̀dù àti ṣẹ́ẹ̀fù: “K2-S3” ni kọ́bọ́ọ̀dù kejì, ṣẹ́ẹ̀fù kẹta. “Nínú yàrá ẹ̀yìn” kì í ṣe àdírẹ́sì. Kí ẹ sì tó yan ibi tí amóníà yóò gbé, ẹ fọwọ́ kan ògiri ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀sán oṣù Kẹta. Ìgò amóníà tó bá gbóná máa ń ti ọmọrí rẹ̀ sókè.

5. Ásíìdì nítíríìkì, pọtáṣíọ̀mù kíloréètì àti amóníọ̀mù nítíréètì wà lára kẹ́míkà tí NAFDAC ń ṣàkóso. Ẹ fún wọn ní ojú ìwé tiwọn àti àgádágodo. Ẹni tó bá bù ú, kó kọ iye gíráàmù, ọjọ́, kó sì fọwọ́ sí i.

6. Ìgò tí kò ní àkọlé: ẹ má gbóòórùn rẹ̀, ẹ má dà á sínú síǹkì. “A kò mọ̀ ọ́n” ni ipò rẹ̀; ibi rẹ̀ ni igun kan tí ẹ yà sọ́tọ̀ títí ẹni tó mọ̀ yóò fi dé.

7. Ẹ jẹ́ kí kíkà yìí parí nínú oṣù Kìíní. Bí ìwé ìtọ́sọ́nà WAEC bá dé, ó lè béèrè mílílítà 150 omi kẹ́míkà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogójì yóò gba lítà mẹ́fà, láìka èyí tí ẹ fi dán an wò. Ohun tó bá sì ti tán tàbí tó fọ́, ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ fa ìlà ẹyọ kan lé e lórí kó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín má baà máa wá a.