Gbùù-Tá: Ohun Tí Ọkàn Ń Ṣe Nígbà Tí A Bá Ní Ó Ń Lù

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọjà Sábó, ní Ìkòròdú, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì gbé jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń yẹ àwọn oníṣòwò wò, mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan tí ń ta ẹja gbígbẹ láti Ẹ̀pẹ́ ń sọ fún ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó fẹ́ so ọ̀já ìfúnpá mọ́ ọn lápá pé: “Ọmọ mi, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ tèmi kì í ru. Àyà mi kò lù kìkì, ara mi sì tutù bí omi ọ̀sà.” Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná.” Nígbà tí ó wọ̀n ọ́n tán, 180 lórí 110 ni ẹ̀rọ náà kà.

N kò dá ìyá náà lẹ́bi, nítorí ọ̀rọ̀ ni ó ṣi í lọ́nà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ àìsàn yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò lè wo inú ilé tí àìsàn náà ń gbé. Bí omi bá ń ru, ojú rí i; bí inú bá ń ru, ẹni tí ó ni inú mọ̀; nítorí náà ẹni tí a bá sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru a máa retí kí ó mọ ríru náà lára, bí kò bá sì mọ ọ́n, a gbà pé irọ́ ni. Ìfúnpá ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ fún ohun tí a ń wọ̀n, nítorí pé gbogbo alààyè ni ó ní ìfúnpá, bí gbogbo alààyè ti ní ìwọ̀n gíga. Èyí tí ó bá ga jù ni àìsàn.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni lílù. A ní ọkàn ń lù, bí ẹni pé àyàn kan wà láyà tí ó ń fi ọ̀pá lu awọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń lu ọkàn. Ìlẹ̀kùn tí ń pa dé ni à ń gbọ́. Apẹja Ẹ̀pẹ́ tí ó bá mọ ìgèrè kò ní pẹ́ lóye rẹ̀: ẹnu inú ìgèrè gba ẹja wọlé, kò sì gbà á jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn mẹ́rin inú ọkàn rí, tí wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lọ, tí wọn kì í jẹ́ kí ó padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì nìkan, èyí tí ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà 75 ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan kò gbà ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ká ní ẹ̀jẹ̀ mílílítà 120 ti kún yàrá náà, ìfúnpá inú rẹ̀ kò sì tíì tó 10. Nígbà tí ògiri rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, tí ìfúnpá ibẹ̀ sì borí ti yàrá òkè, ìlẹ̀kùn àbáwọlé pa dé. Ohùn kìíní nìyẹn. Ìlẹ̀kùn àbájáde kò tíì ṣí, nítorí pé ìfúnpá 80 ń tì í láti inú iṣan ńlá. Ìlẹ̀kùn méjèèjì wà ní títì, ẹ̀jẹ̀ kò rí ibi gbà, 120 rẹ̀ kò dín, kò lé. Ìfúnpá nìkan ni ó ń gòkè, bí ohùn gángan ti ń gòkè nígbà tí àyàn bá fún ọṣán rẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá kọjá 80, ìlẹ̀kùn àbájáde ṣí láìpariwo, mílílítà 70 jáde, ìfúnpá gòkè dé 120, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ inú iṣan bá fẹ́ padà sẹ́yìn, ìlẹ̀kùn náà pa dé mọ́ ọn lójú. Ohùn kejì nìyẹn. Mílílítà 50 ni ó ṣẹ́ kù sínú yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì tún wà ní títì, títí ìfúnpá yóò fi lọ sílẹ̀ ju ti yàrá òkè lọ, tí àbáwọlé yóò ṣí, tí yàrá yóò sì tún máa kún.

Ohùn wọ̀nyí kì í ṣe ti awẹ́ ìlẹ̀kùn tí ó kan ara wọn nìkan. Ẹ̀jẹ̀ tí a dá dúró lójijì ni ó ń mú ògiri àti iṣan gbọ̀n. Wọn kò sì dọ́gba: ti ìṣáájú wúwo, ó fà díẹ̀, ti ìkẹyìn kúrú, ó mú. Níbí ni kìkì wa ti kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni ó fi pe àwọn méjèèjì. Èdè wa mọ ohùn lò láti fi ìwọ̀n hàn: ohun ńlá a rí ròbòtò, ohun kékeré a rí róbótó. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá gbùù-tá. Ìdákẹ́jẹ́ kúkúrú tí ó wà láàárín gbùù àti tá ni ìgbà tí ọkàn ń fún. Ìdákẹ́jẹ́ gígùn tí ó tẹ̀lé tá ni ìgbà tí ó ń kún. Bí a bá gbọ́ fùù nínú ìdákẹ́jẹ́ kan nínú méjèèjì, ó lè jẹ́ pé ìlẹ̀kùn kan ń jò tàbí pé kò ṣí tán.

Ní ìparí ọ̀rúndún 19, ní ilẹ̀ Jámánì, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Ọ́tò Fráǹkì fi ìlà ya irú ìrìn yìí, àwa náà sì lè fi igi yà á sórí iyanrìn etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Kí ìlà ìbú jẹ́ iye ẹ̀jẹ̀ inú yàrá, kí ìlà òòró jẹ́ ìfúnpá. Láti igun ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, níbi tí gbùù ti dún, igi wa gòkè tààrà, nítorí pé ìfúnpá ń pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò yí padà. Ó yà sí òsì bí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ó dé igun òkè apá òsì níbi tí tá ti dún, ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ó sì gba ìsàlẹ̀ padà sí ọ̀tún bí yàrá ti ń kún. Ó di agbo. Bí ilẹ̀ tí agbo náà yí ká bá ti fẹ̀ tó ni iṣẹ́ tí ọkàn ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ti pọ̀ tó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ya ti ìyá ẹlẹ́ja wa. 110 tí ẹ̀rọ kà nísàlẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tí ìfúnpá ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá kí ìlẹ̀kùn àbájáde tó ṣí. Ibi tí ọkàn ẹlòmíràn ti ń ṣílẹ̀kùn ní 80, tirẹ̀ ṣì ń gun òkè. Ẹrù ti wúwo lójú ọ̀nà, nítorí náà, dípò 50, ká ní 65 ni ó ṣẹ́ kù sínú yàrá. Kí 70 tó lè jáde gẹ́gẹ́ bí ara ti ń fẹ́, yàrá náà ní láti kún dé 135. Agbo rẹ̀ ga sókè, ó sì sún sí ọ̀tún. Bí ọdún bá ń gorí ọdún, ẹran ọkàn a nípọn, a le, kò sì ní fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọlé tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Yàrá òkè a wá fi agbára tì í, títì alágbára yìí a sì máa dún kí gbùù tó dún. Ẹni tí etí rẹ̀ mọ iṣẹ́ lè gbọ́ dù-gbùù-tá, tí tá náà a sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ìfúnpá gíga ni ó gbá ìlẹ̀kùn náà dé.

Gbogbo èyí lè máa ṣẹlẹ̀ kí ara tutù bí omi ọ̀sà. Ìròmi tí ń jó lórí omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ omi. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta lórí àwọn tí ọkàn wọn kò lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́, àìsàn ọkàn tí ìfúnpá gíga fà ni ti èyí tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ.

Nọ́ọ̀sì kò fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan dájọ́. Ó ní kí ìyá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó gbé apá lé tábìlì, kí ó má sọ̀rọ̀. Ó sì tún un wọ̀n. 176 lórí 108 ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé fún un láti mú lọ bá dókítà. Ìyá wo ìwé náà títí, ó wá béèrè pé, “Ọmọ mi, mélòó ni ó yẹ kí ó jẹ́?”

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó rọ́pò “ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru?” lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ kí a máa wí pé, “Mélòó ni ìfúnpá mi?”, nítorí pé ẹni tí ó béèrè iye yóò gba iye, ẹni tí ó béèrè ríru yóò sì máa dúró de ohun tí ara kò ní sọ fún un.